Àdíjọ́sítà ti dé òpin: ṣé kí n gé ṣéènì ni, àbí kí n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀?

Ọmọ_Ìwó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Máṣìnnì 125 ni mo ń gùn, láti Ìwó lọ sí Ọ̀ṣogbo. Èrò ni mo ń gbé láàárọ̀, tó bá sì di ọjọ́ ọjà, iṣu àti gààrí ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ṣéènì ti ń dún "kọ̀ kọ̀ kọ̀" nígbà tí mo bá ń gbéra, ariwo náà sì máa ń pọ̀ sí i tí èrò bá di méjì lẹ́yìn mi. Mo fà á, ó dákẹ́, kò pẹ́ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, àdíjọ́sítà ti lọ dé ìdí, kò sí ibi tí mo tún lè fà á dé.

Mẹ́káníìkì tó wà ní ìkóríta wa ní kí n jẹ́ kí òun gé ojú ṣéènì méjì kúrò. Ẹni tó ń ta páàtì ní rárá, ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń ká mọ́, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ni kí n rà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjà ni ẹni tó ń ta páàtì ń wá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ọ́ìlì wo sì lẹ̀yin ń lò? Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì, ni mo máa ń dà sí tèmi lọ́jọ́ Àìkú.

Aláṣejẹ_Ṣakí

Gé e, àbúrò. Èmi ti ń gé tèmi tipẹ́, máṣìnnì ò sì kú. Irin ló fà gùn, tí o bá gé èyí tó lé kúrò, ó ti padà sí bó ṣe yẹ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti gé e tán, kí wọ́n fà á kó le dáadáa, kó má máa mì rárá, torí mímì yẹn ló ń jẹ́ kó dún. Lẹ́yìn náà kí o fi gíríìsì bò ó látòkè délẹ̀. Gíríìsì máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ọ́ìlì lọ.

Àgbà_Sípánà

Aláṣejẹ, mo kí ọ o, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí o sọ, ibi pé gíríìsì máa ń pẹ́ lára ṣéènì nìkan ni mo bá ọ fọwọ́ sí.

Irin kọ́ ló fà gùn. Ojú ṣéènì kọ̀ọ̀kan ní píìnì kan nínú, píìnì yẹn sì ń yí nínú búṣì nígbàkigbà tí ṣéènì bá ká mọ́ eyín. Níbẹ̀ ni jíjẹ ti ń ṣẹlẹ̀. Píìnì á tín-ín-rín, ihò búṣì á fẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan á wá fi díẹ̀ gùn ju bó ṣe wà lọ. Díẹ̀ yẹn kò tó nǹkan lójú ẹyọ kan, àmọ́ tó bá ti di ojú ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló ń gbá àdíjọ́sítà rẹ lọ sí òpin. Tí o bá gé méjì kúrò, gbogbo ìyókù tó kù lára máṣìnnì ṣì jẹ bákan náà. O dín gígùn rẹ̀ kù, o kò wo àìsàn rẹ̀.

Ọmọ Ìwó, kí n tó dá ọ lóhùn pé kí o rà tàbí kí o má rà, lọ wọ̀n ọ́n. Ojú ara ṣéènì yẹn, nọ́ńbà kan máa wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 428. Tó bá jẹ́ 428 ni, láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì tó tẹ̀ lé e jẹ́ mìlímítà 12.7 nígbà tó wà ní tuntun. Gbé máṣìnnì sórí dọ́bù táńdì, fi ọwọ́ tẹ ṣéènì ìsàlẹ̀ kó le, kí o ka ojú 20, kí o fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín píìnì àkọ́kọ́ dé àárín píìnì kọkànlélógún. Tuntun máa fún ọ ní 254. Tó bá ti dé 259, ó ti jẹ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti tó pààrọ̀ nìyẹn. Má wọ̀n ọ́n ní ibì kan ṣoṣo. Yí táyà, wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, èyí tó gùn jù ni kí o mú wá.

Kí o tún ka eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí o sì sọ fún wa bí wọ́n ṣe rí.

Màmá_Túndé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́ níhìn-ín náà. Ṣéènì mọ́tò mi máa ń dún "ṣẹkẹṣẹkẹ" láàárọ̀ tí mo bá ṣáná sí i, ó máa tó ìṣẹ́jú kan kó tó dákẹ́. Ṣé kí n fà á náà ni? Ọ́ìlì wo ni mo lè fọ́n sí i?

Àgbà_Sípánà

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Tiyín yàtọ̀ pátápátá. Ṣéènì mọ́tò wà nínú ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń mu, kò sì sí ohun tí èèyàn ń fọ́n sí i láti ìta. Ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, kí ẹ wo bóyá ọ́ìlì kò ti lọ sílẹ̀, kí ẹ sì ránti ìgbà tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Tí ọ́ìlì bá pé tó sì mọ́, ẹ gbé e lọ fún mẹ́káníìkì mọ́tò kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Màmá_Túndé

Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ṣéènì tí mo rí ló mú mi yà síbí.

Ọmọ_Kétu

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ gíríìsì yẹn. Sẹmíjàn, ọ̀kadà èrò ti ilẹ̀ Benin, ni mo ń gùn ní Kétu, lójú ọ̀nà oko, eruku pupa ni láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Gíríìsì tí wọ́n fi bo ṣéènì látìta kì í wọ inú. Ìta ló ń jókòó sí, tí yóò máa kó iyanrìn jọ, iyanrìn àti gíríìsì á wá di ohun tó ń lọ eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Píìnì tó ń gbẹ nínú kò rí nǹkan kan nínú gíríìsì náà.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Nígbà tí mo bá dé lálẹ́ ni mo máa ń ta ọ́ìlì sí i, kì í ṣe láàárọ̀ kí n tó jáde. Ṣéènì ṣì gbóná lálẹ́, ọ́ìlì á ráyè wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo máa ń gbé e sórí dọ́bù táńdì, gíà á wà ní fíríì, ẹ́ńjìnnì á kú. Mo máa ń fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀, mo sì ń kán ọ́ìlì sí inú ṣéènì ìsàlẹ̀, apá tó kọjú sókè, ní àárín páànù inú àti páànù ìta, lọ́tùn-ún àti lósì. Tí ṣéènì bá ń yí lọ́jọ́ kejì, fífò tó ń fò á ti ọ́ìlì náà gba inú jáde sí ìta, kò ní tètè fọ́n dànù. Láàárọ̀, mo fi àkísà nu gbogbo èyí tó kù síta. Ṣéènì tó gbẹ lójú tó tutù nínú ni mo ń wá.

Ní ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, èmi náà ń lò ó, kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan.

Àgbà_Sípánà

Ọmọ Kétu, o káre, bí o ṣe ń ta á yẹn gan-an ni. Ọ̀rọ̀ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù nìkan ni mo fẹ́ bá ọ jiyàn lé lórí. Ọ́ìlì tó ti jáde nínú ẹ́ńjìnnì ti kó ẹ̀ẹ́rí àti irin wẹ́wẹ́, ìyẹn ni o sì ń fi ránṣẹ́ sínú búṣì. Ọ́ìlì gíà 90 ni ọ̀pọ̀ ìwé máṣìnnì kékeré ń dárúkọ fún ṣéènì tí kò ní rọ́bà. Ó nípọn, kì í tètè fò dànù, lítà kan á sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù àti gbígbẹ ni o ní, mú kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Gbígbẹ ló burú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Ọmọ_Kétu

Lójú ọ̀nà tiwa, iyanrìn tó ń wọlé lójoojúmọ́ pọ̀ ju irin wẹ́wẹ́ tó wà nínú kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lọ fíìfíì. Mo ń kán an lálaalẹ́, mo sì ń nù ún. Mi ò rí ìyàtọ̀ tí 90 máa ṣe fún mi ju owó tí yóò gbà lọ́wọ́ mi lọ.

Àgbà_Sípánà

Ẹni tó ń kán an lálaalẹ́ tó sì ń nù ún, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ọjọ́ Àìkú ni mo ń bá wí. Ọmọ Ìwó, ìwọ ni. Gbogbo kìlómítà 500 ni ó pẹ́ jù tí ṣéènì aláìnírọ́bà lè lọ kó tó mu ọ́ìlì. Ṣírò iye ìgbà tí o ń lọ Ọ̀ṣogbo tí o ń bọ̀, o máa rí i pé ọjọ́ méje ti pẹ́ jù. Tí òjò bá sì pa á lónìí, lónìí náà ni kí o ta á, má dúró de ọjọ́ kankan.

Délé_Pẹ́kámù

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo ń fi máṣìnnì gbé oúnjẹ kiri. Ẹ má bínú, ẹ ṣọ́ra tí ẹnikẹ́ni bá ní ṣéènì olórọ́bà. Tèmi ní rọ́bà róbótó kékeré láàárín páànù ní ojú kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe é ti fi gíríìsì sí inú píìnì láti ilé iṣẹ́, rọ́bà yẹn ló sé e mọ́bẹ̀. Ọ́ìlì tí à ń fọ́n sí i látìta kò wọ inú píìnì, kí rọ́bà má gbẹ kó sì má sán ni, àti kí irin má dípẹtà. Mo rí ọ̀rẹ́ mi kan níhìn-ín tó fi pẹ́tírólù fọ tirẹ̀, tó tún fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ó dán gan-an! Kò pẹ́ tí rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ojú tí rọ́bà rẹ̀ bọ́ a sì le gan-an, kò ní ká mọ́. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni tiwa.

Ọmọ_Ìwó

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tèmi kò ní rọ́bà kankan, 428 ni wọ́n kọ sí i. Mo ti wọ̀n ọ́n. Ibi kan fún mi ní 257, ibi kejì 258, ibi kẹta 260. Mo ka gbogbo ojú rẹ̀, ó jẹ́ 118. Eyín iwájú jẹ́ 14, ti ẹ̀yìn jẹ́ 42. Ti ẹ̀yìn kò burú púpọ̀ lójú mi, àmọ́ mo ṣí ìbòrí iwájú, eyín rẹ̀ ti mú ṣọ́nṣọ́, ó sì ti tẹ̀ sí apá kan. Mo rí ohun kan tó pupa bí ìpẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn píìnì kan.

Ohun kan tún ń dà mí láàmú. Tí mo bá fà á kó dáa níbì kan, tí mo sì yí táyà díẹ̀, á le gan-gan. Tí mo bá tún yí i, á rọ̀.

Àgbà_Sípánà

Ọ̀rọ̀ ti yanjú tán. Jẹ́ kí n bá ọ ṣírò rẹ̀, kí o lè rí i fúnra rẹ.

Ní ibi tó burú jù, ojú 20 jẹ́ 260, ojú kan ti di mìlímítà 13 dípò 12.7. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ojú 118 ló jẹ tó bẹ́ẹ̀, ṣéènì rẹ ti fi mìlímítà 35 gùn ju ti tuntun lọ. Níwọ̀n bí ó ti ń lọ sókè tó tún ń bọ̀ nísàlẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn á fi sún sẹ́yìn, ìyẹn bíi 18. Ohun tó gbé àdíjọ́sítà dé òpin nìyẹn. Tí mẹ́káníìkì ìkóríta bá gé ojú méjì, ó gé mìlímítà 26 kúrò, táyà á sún padà síwájú ní 13, o máa láyọ̀ pé àyè ti wà. Ṣùgbọ́n eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé o gé nǹkan kan. Ojú 13 náà ló ń bá a lọ, lórí eyín tí wọ́n gbẹ́ fún 12.7. Ṣéènì á máa gun orí eyín, kò ní jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí o bá gbé èrò méjì gun òkè ni yóò fò.

Ìpẹtà pupa tí o rí yẹn ni píìnì tó ti gbẹ pátápátá. Líle àti rírọ̀ tí o sọ náà, àìdọ́gba jíjẹ ni: 257 níbì kan, 260 níbòmíràn. O kò lè fi sípánà wo ìyẹn sàn.

Nípa sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdí tí ti iwájú fi burú tí ti ẹ̀yìn sì dà bí ẹni pé ó dáa kò ṣòro. 42 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 14. Nígbà tí ti ẹ̀yìn bá yí lẹ́ẹ̀kan, ti iwájú ti yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Eyín iwájú kọ̀ọ̀kan ń ru ẹrù lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí eyín ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan bá rù ú lẹ́ẹ̀kan. Má jẹ́ kí ti ẹ̀yìn tàn ọ́ jẹ, òun náà ti jẹ, jíjẹ rẹ̀ ni kò tíì hàn. Lọ síbi tí ṣéènì ti ká mọ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ní ẹ̀yìn pátápátá, kí o fi ìka fa ojú kan sẹ́yìn kúrò lára eyín. Tí o bá rí ju ìdajì eyín lọ lábẹ́ rẹ̀, kò sí ìjiyàn mọ́.

Tí o bá fi ṣéènì tuntun sórí eyín yìí, ojú 12.7 á máa bá eyín tó ti mọ́ra pẹ̀lú 13 jà. Kò ní jẹ́ pé gbogbo eyín ń pín ẹrù, ẹyọ kan tàbí méjì ni yóò máa ru gbogbo rẹ̀, eyín tó ti tẹ̀ náà kò sì ní fẹ́ jọ̀wọ́ ṣéènì nígbà tó bá yẹ kó jáde. Wàá pa ṣéènì tuntun ní kékeré. Bákan náà ni tí o bá ra sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun méjì tí o sì fi ṣéènì 260 sí i. Ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti ìmọ̀ràn yìí, ẹni tó ń ta páàtì sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ló ń wá.

Aláṣejẹ_Ṣakí

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti gígé yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú nípa owó. Ṣé gbogbo ìgbà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Èmi máa ń pààrọ̀ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú nìkan láàárín kan, torí pé kò wọ́n, ó sì máa ń jẹ́ kí ìyókù pẹ́.

Àgbà_Sípánà

Ìyẹn bójú mu, tó bá jẹ́ pé ṣéènì kò tíì lọ jìnnà. Èmi máa ń wo 257. Tí ojú 20 kò bá tíì tó 257 tí eyín iwájú sì ti ń mú ṣọ́nṣọ́, pààrọ̀ ti iwájú nìkan, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, eyín tuntun yẹn á tètè dà bíi ti àtijọ́.

Ọmọ_Kétu

Èmi tún ní òmíràn. Tí ṣéènì bá já ní kékeré nítorí òkúta tàbí nítorí pé lọ́ọ̀kì rẹ̀ bọ́, tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì sì ṣì tẹ́ dáadáa, ṣéènì nìkan ni mo máa ń rà. Mo mọ àwọn kan níbí tí wọ́n ń fi ṣéènì méjì ṣe pàṣípààrọ̀ lórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí gbogbo rẹ̀ lè jọ gbó pọ̀. Wọ́n ní ó ń dín owó kù.

Àgbà_Sípánà

Ti ṣéènì tó já ní kékeré, o tọ̀nà. Ti pàṣípààrọ̀ ṣéènì méjì, mo ti gbọ́ ọ, kò wù mí. Iṣẹ́ ń pọ̀ jù, àti pé èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀ máa ń dípẹtà tí wọn kò bá rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì.

Ọmọ_Kétu

Wọ́n ń rẹ ẹ́.

Ọmọ_Ìwó

Mo ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi dè é, torí pé ọ̀gá ìkóríta ti bínú sí mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé mo fà á dé ibi tó yẹ?

Àgbà_Sípánà

Bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré sábà máa ń ní páànù kan tí bọ́ọ̀tì 10 méjì dè mọ́ ọn. Kí o tó tú ṣéènì àtijọ́ ni kí o tú bọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì ẹ̀yìn fún ọ, kó má máa yí. Nu gbogbo ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀. Tí o bá rí i pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, sọ fún mi. Ó túmọ̀ sí pé ṣéènì tó le jù ti ń fa ọ̀pá yẹn, ọ́ìlì síìlì ti lọ, bẹ́árìn náà lè tẹ̀ lé e. Aláṣejẹ, nítorí èyí ni mi ò ṣe fẹ́ kí ṣéènì "má mì rárá".

Tí o bá so ṣéènì pọ̀, wo lọ́ọ̀kì rẹ̀ dáadáa. Apá rẹ̀ tó dí ni kó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ, ẹnu rẹ̀ tó là kó wà lẹ́yìn. Tó bá yí padà, ohunkóhun tó bá gbá a lè ṣí i.

Wàyí o, fífà. Tú nọ́ọ̀tì ńlá táyà ẹ̀yìn. Lórí àwọn máṣìnnì kan, nọ́ọ̀tì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, ńlá kan lábẹ́ kékeré. Méjèèjì ni kí o tú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdajì ni yóò sún. Tú ọ̀pá bíréèkì díẹ̀ pẹ̀lú, torí pé tí táyà bá sún, bíréèkì á yí. Lẹ́yìn náà, yí nọ́ọ̀tì àdíjọ́sítà apá ọ̀tún àti ti òsì ní ìwọ̀n kan náà, ìdajì yíyí nígbà kọ̀ọ̀kan. Àmì ilà wà lára fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, kí wọ́n bára mu. Èmi kì í gba àmì yẹn gbọ́ tán. Mo máa ń lọ sẹ́yìn, mo á bẹ̀rẹ̀, mo á fi ojú kan wo ṣéènì láti orí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì lọ síwájú. Tó bá tọ́, ó tọ́. Tó bá yẹ̀, ẹ̀gbẹ́ eyín á máa dán lápá kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ibi tí wàá ti wọ̀n ọ́n ni àárín ṣéènì ìsàlẹ̀. Fi ìka tì í sókè, kí o fà á wálẹ̀, ìyàtọ̀ òkè àti ilẹ̀ ni à ń wò. Lórí ọ̀pọ̀ máṣìnnì kékeré, 20 sí 30 mìlímítà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínǹṣì kan. Ìwé máṣìnnì rẹ ló ní àṣẹ níbẹ̀, wò ó tí o bá ní i. Yí táyà, wọ̀n ọ́n níbi púpọ̀, ibi tó le jù ni kí o fi ṣe òdiwọ̀n. Ní tuntun, kò yẹ kó yàtọ̀ púpọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ọmọ_Ìwó

Ẹ̀gbọ́n, èrò méjì àti ẹrù ni mo ń gbé o. Ṣé kò yẹ kí n fà á le sí i kó má bàa já?

Àgbà_Sípánà

Òdìkejì rẹ̀ ni! Tí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn máṣìnnì wálẹ̀, táyà máa ń jìnnà sí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú títí táyà, ìdí fọ́ọ̀kì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á fi wà lórí ilà kan. Níbẹ̀ ni ṣéènì le jù. Ìwọ ń wọ̀n ọ́n lórí táńdì láìsí ẹrù, o rí 10, o rò pé ó dáa, nígbà tí èrò méjì bá jókòó kò ní sí ààyè kankan mọ́. Tí o bá ti fà á tán, jẹ́ kí àwọn méjì jókòó pẹ̀lú rẹ, kí ẹnì kẹrin wo ṣéènì ìsàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣì ní mímì díẹ̀. Èmi á fi í sí 30 fún iṣẹ́ bíi tìrẹ, kì í ṣe 20.

Kí o tó dè nọ́ọ̀tì ńlá pa, fi àkísà há sáàárín ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, kí o yí táyà sẹ́yìn díẹ̀ kó fà mọ́ àkísà náà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí táyà dúró gbọn-in mọ́ àdíjọ́sítà. Dè é, yọ àkísà, kí o sì tún wọ̀n ọ́n, torí dídè máa ń yí i padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o tún bíréèkì ṣe, kí o wò ó pé iná ẹ̀yìn ń tàn nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́.

Délé_Pẹ́kámù

Kí ẹ má sì gbàgbé: ẹnikẹ́ni má ṣe fi àkísà nu ṣéènì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí gíà sì wọlé. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é nínú fídíò pé ó yára. Àkísà ló ń kọ́kọ́ wọlé, ìka ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ_Ìwó

Mo dè é, mo gbé èrò lórí rẹ̀ lọ sí Ọ̀ṣogbo, ariwo ti lọ pátápátá. Kò sí ọ́ìlì tó ń jáde níwájú. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo wọ̀n ọ́n, 30 ti di 38. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Àgbà_Sípánà

Má bẹ̀rù. Tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú ń jókòó sáàyè wọn ni. Fà á padà sí 30, kí o tún wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá dúró, ó dáa. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé irin rẹ̀ kò le, wàá rí i nínú ojú 20 kíákíá. Kọ nọ́ńbà tí o bá rí sílẹ̀.

Aláṣejẹ_Ṣakí

Ìbéèrè kan ló kù lẹ́nu mi. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àtijọ́ tí Ọmọ Ìwó tú yẹn, tí apá kan ṣoṣo ló jẹ, ṣé kò lè yí i padà kó fi ojú kejì ṣiṣẹ́? Mo mọ ẹnì kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àgbà_Sípánà

Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ lójú méjèèjì tí ihò bọ́ọ̀tì rẹ̀ sì rí bákan náà, ó lè gbé e dé ilé lọ́jọ́ ìṣòro. Tó bá ní ikùn níbì kan, ilà ṣéènì á yẹ̀, kó má dán an wò. Ṣùgbọ́n kó má fi ṣéènì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yẹn sí i o.

Ọmọ_Kétu

Ẹni tí mo mọ̀ ti fi irú rẹ̀ gùn ju "dé ilé" lọ.

Àgbà_Sípánà

Ní kó wọ̀n ṣéènì rẹ̀ fún wa, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ síbí.